Wọ́n Pè Mí Lólè Lórí Google: Èsì Wo Ni Kí N Kọ?

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Aránṣọ ni mí, mo sì ní ṣọ́ọ̀bù tèmi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà kan fún mi ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo lórí Google, ó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé: ‘Ẹ má gbé aṣọ yín lọ síbẹ̀ o. Wọ́n ní Ọjọ́bọ̀ ni màá gba aṣọ tí mo fẹ́ wọ̀ níbi ìgbéyàwó àbúrò mi, àárọ̀ Sátidé gan-an ni mo tó rí i gbà. Apá rẹ̀ fún mi pinpin. Mo pè títí, wọn ò gbé e. Wọ́n tún jí àṣẹ́kù aṣọ mi. Olè ni wọ́n.’ Òótọ́ ni pé aṣọ náà pẹ́, ṣùgbọ́n n kì í ṣe olè. Mo ti kọ èsì gígùn kan, mo fi í mọ́ lẹ́tà yìí. Ọkọ mi ní kí n má tíì gbé e síta. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ tí kò fi ní dà bíi pé mò ń jà, tí àwọn oníbàárà tó ń bọ̀ ò sì ní sá?”

Àbúrò mi, ọkọ rẹ gbà ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka èsì tí o kọ. Lẹ́ẹ̀kíní, mo kà á bí ẹni tó fẹ́ràn rẹ, inú sì bí mi fún ọ. Lẹ́ẹ̀kejì, mo kà á bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí, tó gbé aṣọ dání, tó ń wá ẹni tó máa bá a rán an. Ẹni kejì yìí ti kúrò níbẹ̀ kó tó ka èsì rẹ dé ìdajì. Ìràwọ̀ kan yẹn kọ́ ló lé e. Èsì rẹ ló lé e.

Ẹni kejì yẹn ni kí o máa bá sọ̀rọ̀ nígbà tí o bá ń kọ ọ́. Obìnrin tó bínú lè ka èsì rẹ lẹ́ẹ̀kan, ó pẹ́ tán lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ rí ni wọ́n á máa kà á, bóyá fún ọ̀pọ̀ ọdún. O ń rò pé ilé ẹjọ́ ni ibẹ̀, pé nígbà tí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ti jẹ́ àgbà òṣìkà, ó yẹ kí ìwọ náà ro tìrẹ délẹ̀ kí wọ́n lè dá a bó ṣe yẹ. Kò sí adájọ́ níbẹ̀. Àwọn tó ń kà á ò rí rísíìtì yín, wọn ò sí níbẹ̀ nígbà tí o ń wọn obìnrin náà, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè mọ ẹni tó jàre, kódà bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá: bí tèmi náà bá lọ bàjẹ́ lọ́wọ́ aránṣọ yìí, báwo ló ṣe máa ṣe mí? Wọ́n mọ̀ pé kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ tí iṣẹ́ kì í bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ mọ irú ẹni tí o máa dà lọ́jọ́ náà, èsì rẹ sì ni ibì kan ṣoṣo tí wọ́n ti lè rí i kí wọ́n tó gbé aṣọ wọn wá.

Jẹ́ kí a wá wo ohun tí o kọ pẹ̀lú ojú yẹn. O bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Ẹ má gba obìnrin yìí gbọ́.” Àwọn ẹlòmíì lo ń bá sọ̀rọ̀, o sì ń sọ̀rọ̀ oníbàárà rẹ níṣojú rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ń kà á ti fi ara rẹ̀ sípò obìnrin náà, nítorí oníbàárà lòun náà. Lẹ́yìn ìyẹn lo ní ọjọ́ márùn-ún péré ló fún ọ láti rán an, pé ó pààrọ̀ sítáì lẹ́ẹ̀mejì, pé ẹ̀rọ rẹ bàjẹ́ ní Ọjọ́rú, pé kò tíì san owó rẹ̀ tán. Gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́, mo sì gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n wo ibi tí o tò wọ́n sí. Ìlà mẹ́sàn-án ni o fi ṣàlàyé kí o tó kan ọ̀rọ̀ pé aṣọ náà pẹ́, o tún wá fi “bí a bá ṣẹ̀ yín, ẹ má bínú” kádìí rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àwíjàre ti ń wá. Kì í ṣe ìbínú ló máa ń jẹ́ kí èsì dà bí ìjà ní gbogbo ìgbà; mo ti rí èsì tí kò ní ọ̀rọ̀ burúkú kan nínú tó sì dún bí ìjà láti òkè délẹ̀, nítorí pé ìdí ṣáájú ẹ̀bi. Bí ìdí bá ti ṣáájú, àwáwí ni etí ń gbọ́.

Gbólóhùn tó burú jù ni èyí tí o sọ pé ara rẹ̀ ti tóbi ju ti ìgbà tí o wọ̀n ọ́n lọ. Mo mọ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Aránṣọ wo ni kò tíì rí i rí? Ṣùgbọ́n gbogbo obìnrin tó bá ka ìlà yẹn ló máa rí i pé bí òun bá gbé aṣọ wá sọ́dọ̀ rẹ, ìwọ̀n ara òun lè di ohun tí gbogbo ayé ń kà. Ohun tí oníbàárà fi hàn ọ́ nínú yàrá tí o ti ń wọn ara rẹ̀, àṣírí rẹ̀ ni. Àwọn dókítà àti àwọn oníṣègùn eyín ni òfin ti mú jù lórí irú ọ̀rọ̀ yìí: lọ́dún 2019, ilé ìtọ́jú eyín kan ní Amẹ́ríkà san 10,000 dọ́là fún ìjọba nítorí pé wọ́n tú ọ̀rọ̀ ìlera aláìsàn síta níbi tí wọ́n ti ń dá àríwísí lóhùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Aránṣọ kì í ṣe dókítà, òfin yẹn ò kàn ọ́. Ẹni tó ń kà á ò ní ronú òfin kankan ṣáá. Yóò kàn pa ojú ewé náà dé.

Má rò pé mo ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ilé ìtura kan ní kí n máa bá wọn dá àwọn àlejò lóhùn. Ọkùnrin kan kọ ọ́ pé òun ò rí omi gbígbóná wẹ̀. Mo lọ wo ìwé àwọn òṣìṣẹ́, mo rí i pé omi gbóná ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì kọ ìlà mẹ́rìnlá tó ní aago àti orúkọ ẹ̀rọ nínú. Mo jàre pátápátá. Ọkùnrin náà padà wá, ó tún àríwísí rẹ̀ kọ, ó fi kún un pé “ẹ ka èsì wọn kí ẹ lè mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́.” Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn àlejò tí kò mọ ohunkóhun nípa omi bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n léèrè lórí fóònù pé ṣé lóòótọ́ ni wọ́n máa ń bá àlejò jà. Ọ̀rọ̀ omi ti kúrò nílẹ̀ nígbà yẹn. Èsì mi ló di ẹ̀sùn.

Nítorí náà, èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ obìnrin náà ni kí o kọ́kọ́ mú, kí o sì fẹnu ara rẹ dárúkọ rẹ̀. “Ẹ má bínú” nìkan kò tó. Bí a ṣe ń sọ ọ́ fún ẹni tí a tẹ̀ lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀ náà là ń sọ ọ́ fún ẹni tí a ba ìgbéyàwó rẹ̀ jẹ́. Lójú ìwé, níbi tí kò sí ohùn àti ojú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ìkíni. Ohun tó ń fún un ní ìwúwo ni ohun tó bá tẹ̀ lé e: Ọjọ́bọ̀ la ṣèlérí, Sátidé lẹ gbà á, a ò sì pè yín. Kíyè sí i pé ó ti sọ nǹkan wọ̀nyí tẹ́lẹ̀. O ò tú àṣírí ara rẹ kankan. Ohun tí o ṣe ni pé o gba ọ̀rọ̀ náà kúrò lẹ́nu rẹ̀. “Bí a bá ṣẹ̀ yín” kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn láéláé, torí “bí” àti “bá” yẹn ń sọ pé ó ṣì kù kí a mọ̀ bóyá o ṣẹ̀ ẹ́ tàbí o ò ṣẹ̀ ẹ́. Yọ ọ́ kúrò. Yọ “ṣùgbọ́n” náà kúrò. Bí o bá ti tọrọ àforíjì tán tí “ṣùgbọ́n” tẹ̀ lé e, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ni ènìyàn máa rántí.

Ti ẹ̀rọ tó bàjẹ́ ńkọ́? Àwọn akẹgbẹ́ mi kan á ní kí o má dárúkọ rẹ̀ rárá. Èmi rò pé ó lè wà níbẹ̀, bí o bá gbé e síbi tí kò ti lè di àwáwí. “Aṣọ yín pẹ́ nítorí pé ẹ̀rọ wa bàjẹ́” ń di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ. “Ẹ̀rọ wa bàjẹ́ ní Ọjọ́rú, a ò sì pè yín láti sọ fún yín” ń di ẹ̀bi ru ìwọ. Ìròyìn kan náà ni. Nínú èkejì, ẹni tó ń kà á mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì tún rí i pé o mọ ibi tí o ti ṣì í ṣe. Ti pé ó pààrọ̀ sítáì àti pé ọjọ́ márùn-ún ló fún ọ, fi wọ́n sílẹ̀. Ìwọ lo gba iṣẹ́ náà, ìwọ lo fẹnu ara rẹ dá Ọjọ́bọ̀. Owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Bí o bá fẹ́ gbà á, kí ó jẹ́ láàárín ẹ̀yin méjèèjì.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ olè, èyí tó dùn ọ́ jù. Mo mọ bó ṣe ń rí lára. Síbẹ̀, bí o bá kọ “a kì í ṣe olè,” ìwọ náà ti tún ọ̀rọ̀ olè kọ sábẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ, ó wá di ẹ̀ẹ̀mejì. Ohun tó ń pa irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ni òótọ́ kékeré kan tí ènìyàn lè fojú rí. O sọ nínú lẹ́tà rẹ pé àṣẹ́kù aṣọ náà ṣì wà nínú àpò lọ́dọ̀ rẹ, pé òun ni kò dúró gbà á nítorí pé ó ń kánjú. Ohun tí o máa kọ nìyẹn: ó wà níbí, orúkọ yín wà lára àpò náà, ẹ lè wá mú un. Má fi kún un pé “ẹ̀yin lẹ gbàgbé rẹ̀.” Olè kì í kọ orúkọ ẹni tó jà lólè sára àpò. Ẹni tó ń kà á máa rí ìyẹn fúnra rẹ̀, ohun tó bá sì fúnra rẹ̀ rí ló máa gbà gbọ́ ju ohun tí o bá búra lé lórí lọ.

Bí mo bá wà nípò rẹ, ohun tí mo máa kọ nìyí: “Ẹ má bínú mà. Ọjọ́bọ̀ la ṣèlérí fún yín, Sátidé lẹ tó gba aṣọ tí ẹ fẹ́ wọ̀ síbi ìgbéyàwó. Ẹ̀rọ wa bàjẹ́ ní Ọjọ́rú, a ò pè yín láti sọ fún yín, nígbà tí ẹ̀yin náà sì pè, a ò gbé e. Ẹ̀bi wa ni. Àṣẹ́kù aṣọ yín wà nínú àpò kan lọ́dọ̀ wa, orúkọ yín wà lára rẹ̀. Ẹ lè wá mú un, a sì lè fi í ránṣẹ́ sí yín. Bí ẹ bá lè mú aṣọ náà dání, a ó tú apá rẹ̀, a ó tún un rán láìgba owó. Láti ọ̀sẹ̀ yìí, bí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni bá máa pẹ́, a ó máa pè é kí ọjọ́ àdéhùn tó pé. Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù. Nọ́ńbà tó wà lójú ewé yìí, ọwọ́ mi ló wà.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wò ó bí mi ò ṣe sọ pé apá aṣọ náà kò fún. Mi ò sọ pé ó fún, mi ò sì jiyàn. Mo kàn sọ ohun tí a máa ṣe sí i. Ibi tí ìwọ àti oníbàárà ò bá ti fẹnu kò, ohun tí o fẹ́ ṣe ni kí o sọ, má dá ẹjọ́ rẹ̀. Ìlérí pé ẹ ó máa pe ènìyàn kí ọjọ́ tó pé, ẹni tó ń bọ̀ ni a kọ ọ́ fún. Bí o ò bá ní lè mú un ṣẹ, yọ ọ́, nítorí oníbàárà tó bá tún ṣẹlẹ̀ sí máa fi ọ̀rọ̀ ara rẹ mú ọ.

Má kọ ọ́ sínú àpótí èsì Google tààrà. Ibòmíì ni kí o kọ ọ́ sí, kí o sùn lé e lórí, kí o fún ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà kà. Bí o bá ti tẹ̀ ẹ́ síta, Google máa fi tó obìnrin náà létí pé o ti fèsì. O lè tún un ṣe tàbí kí o pa á rẹ́ nígbàkígbà, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti kọ́kọ́ kà kò ní kúrò lórí rẹ̀, ó sì lè ti ya àwòrán rẹ̀ pa mọ́. Ọjọ́ kan tàbí méjì kò pọ̀ jù. Pe obìnrin náà lórí fóònù náà, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe pè é láti ní kó pa àríwísí rẹ̀ rẹ́. Pè é nítorí aṣọ. Bí inú rẹ̀ bá rọ̀, òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òun lè tún un kọ. Ṣíṣe àdéhùn pé o máa dá owó padà bí ó bá yọ ọ́ kúrò lòdì sí òfin Google, ó sì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ó bá lọ kọ àdéhùn yẹn síta.

O béèrè nísàlẹ̀ lẹ́tà rẹ bóyá kò ní dáa kí o kúkú ní kí Google yọ ọ́ dànù. O lè fẹ̀sùn kàn án, àmọ́ Google kì í dá sí ìjà láàárín oníṣòwò àti oníbàárà. Ohun tí wọ́n máa ń yọ ni ayédèrú, èyí tí ẹni tó ń bá ọ dupò kọ, èébú, ìhàlẹ̀, tàbí èyí tó tú ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ènìyàn síta. Oníbàárà rẹ ni obìnrin yìí lóòótọ́, iṣẹ́ tí o ṣe fún un ló sì ń sọ. Má fọkàn sí i. Ká ní ẹni tí o ò mọ̀ rí ni, tí o wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé rẹ tí o ò rí i, o lè fẹ̀sùn kàn án, kí o sì kọ ìlà méjì pé a wá orúkọ yìí a ò rí i, bóyá orúkọ míì lẹ fi gbé iṣẹ́ wá, ẹ pè wá. Má pè é ní òpùrọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni orúkọ tó wà lórí fóònù wọn kì í ṣe èyí tí wọ́n sọ fún ọ ní ṣọ́ọ̀bù. Èyí tí àbúrò rẹ dámọ̀ràn, pé kí àwọn ọ̀rẹ́ yín wá da ìràwọ̀ márùn-ún márùn-ún bò ó mọ́lẹ̀, jọ̀wọ́ gbàgbé rẹ̀. Ayédèrú ni, ó sì rọrùn láti mọ̀: àríwísí mẹ́wàá lọ́sẹ̀ kan, kò sí aṣọ kan tí ẹnì kan dárúkọ nínú wọn.

Ṣé ó yẹ kí o tilẹ̀ fèsì rárá? Èmi gbà pé ó yẹ, mo sì ní ẹ̀rí díẹ̀ tó ju ìrírí tèmi lọ. Davide Proserpio àti Georgios Zervas gbé ìwádìí kan jáde ní 2017 lórí àwọn ilé ìtura tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá àlejò lóhùn lórí TripAdvisor, ìkànnì tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń kọ àríwísí. Iye àríwísí tí wọ́n ń rí gbà fi nǹkan bí ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, ìràwọ̀ wọn sì gòkè ní ìwọ̀nba, 0.12 lórí òṣùwọ̀n ìràwọ̀ márùn-ún. Ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni pé àríwísí burúkú dínkù, àmọ́ àwọn tó kù gùn sí i. Àlàyé wọn ni pé nígbà tí ènìyàn bá mọ̀ pé olówó ibẹ̀ ń kà á, tó sì máa dáhùn, kì í fẹ́ ju ọ̀rọ̀ ṣákálá kan sílẹ̀ kó sá lọ. Ẹni tó bá ní ẹjọ́ gidi nìkan ló máa kọ, yóò sì rò ó délẹ̀. Má retí ìyanu, nítorí 0.12 kò pọ̀, ilé ìtura ni wọ́n sì wò, wọn ò wo aránṣọ. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì, máa dá àwọn tó yìn ọ́ lóhùn pẹ̀lú, ní gbólóhùn kan péré, kí ó má baà dà bíi pé ìgbà tí wọ́n bá bú ọ nìkan lo máa ń sọ̀rọ̀.

Èsì tí mo kọ fún ọ yìí lè má yí obìnrin náà padà. Ó lè fi ìràwọ̀ kan rẹ̀ sílẹ̀ títí láé, ó tilẹ̀ lè padà wá kọ púpọ̀ sí i. Bí ó bá padà wá, má fèsì kejì. Tún ti àkọ́kọ́ ṣe bí ohun kan bá yí padà, bí àpẹẹrẹ kí o fi kún un pé aṣọ ti wà lọ́wọ́ yín, pé ẹ ti ń tún un rán. Àwọn kan á rí ìràwọ̀ kan náà, wọ́n á sì lọ, láìka èsì kankan. Ohun tí èsì kò sì lè gbé rárá ni kí àríwísí mẹ́ta máa sọ ohun kan náà. Mo wo ojú ewé ṣọ́ọ̀bù rẹ kí n tó kọ èyí. Láàárín àwọn tó yìn ọ́, ẹni méjì ló fún ọ ní ìràwọ̀ mẹ́rin, tí wọ́n sì fi ẹ̀rín sọ ọ́ pé aṣọ dára, “àmọ́ ẹ ní sùúrù o.” Ọ̀rọ̀ ọjọ́ àdéhùn ni wọ́n ń sọ. Ìyẹn ò sí lára iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ dídùn lè ṣe. Inú ìwé tí o ń kọ ọjọ́ iṣẹ́ sí ni àtúnṣe rẹ̀ wà, bóyá kí o máa fi ọjọ́ méjì kún ọjọ́ tí o bá rò pé o máa parí.

Kí o tó tẹ èsì náà síta, dìde, lọ wo àpò àṣẹ́kù yẹn fúnra rẹ. Rí i pé ó ṣì wà níbẹ̀, pé ẹnikẹ́ni ò tíì gé nínú rẹ̀ fi lẹ nǹkan, pé orúkọ obìnrin náà sì wà lára rẹ̀ lóòótọ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, má fi èsì yìí síta. Kọ̀wé sí mi lẹ́ẹ̀kan sí i.